Ẹ̀rọ amúnáwá tí a ń fọwọ́ yí: oríṣi mẹ́ta tí ẹ lè rà, àti iye iná tí apá ènìyàn lè mú jáde ní tòótọ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tí a ń yí láti fi cháàjì fóònù yóò bá oríṣi mẹ́ta pàdé. Èkíní wọ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì sábà máa ń kọ́ ọ pọ̀ mọ́ tọ́ọ̀ṣì tàbí rédíò. Èkejì ni èyí tí a ń dè mọ́ etí tábìlì, tí ọ̀pá ìyí rẹ̀ gùn. Ẹ̀kẹta ni ẹlẹ́sẹ̀, tí a ń wà bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́. Wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí kò tó láti fi yàn láàárín wọn, nítorí ó lè jẹ́ iye tí dínámò inú rẹ̀ lè gbà ni wọ́n kọ, nígbà tí apá yín kò lè fún un ní ìdajì rẹ̀. Apá gan-an ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Ohun tí fóònù ń béèrè, ohun tí ara lè san

Ẹ mú fóònù kan tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh, ìyẹn áńpìà-wákàtí 5. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi 3.85 fóltì. 5 × 3.85 jẹ́ wáàtì-wákàtí 19, ìyẹn ni pé ohun tó wà nínú rẹ̀ lè gbé wáàtì 19 fún wákàtí kan. Kì í ṣe gbogbo iná tó wọ ihò cháàjì ló ń dé inú bátìrì, díẹ̀ ń di ooru lójú ọ̀nà. Bí a bá ro ìyẹn mọ́ ọn, ẹ̀rọ yín ní láti ti nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 23 sínú fóònù náà kó tó kún láti òfo. Ẹ di 23 yìí mú, òun la ó máa padà sí.

Agbára tí ọwọ́ ń fún ẹ̀rọ wá láti inú nǹkan mẹ́ta: bí ẹ ṣe ń tì í le tó, bí ọ̀pá ìyí ṣe gùn tó, àti bó ṣe ń yára yí sí.

```
P = F × r × 2π × n
```

P ni wáàtì. F ni títì ọwọ́ ní níútọ̀nù, ẹrù kílò kan sì jẹ́ nǹkan bíi níútọ̀nù 10. r ni gígùn ọ̀pá ìyí ní mítà, n sì ni iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tí kì í ṣe eléré ìdárayá, lè fi apá mú nǹkan bíi wáàtì 20 jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó nílò ìsinmi. Ó lè gun 50 fún ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n apá yóò kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ti ẹsẹ̀ yàtọ̀, torí iṣan itan tóbi ju ti apá lọ: ẹni kan náà lè fi ẹsẹ̀ wa wáàtì 75 fún wákàtí kan gbáko. Ẹ rántí pé agbára ọ̀pá ìyí lèyí o, kò tíì di iná.

Ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́

Ọ̀pá ìyí rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ. Ọwọ́ kejì ló sì ń di ara ẹ̀rọ mú, nítorí náà ẹ kò lè tì í ju nǹkan bíi kílò kan lọ láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ń yí mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá, 10 × 0.06 × 6.28 × 2 jẹ́ wáàtì 7.5.

Ibi tí wáàtì 7.5 yìí ń gbà ṣòfò ló yẹ ká wò dáadáa. Dínámò kékeré fẹ́ yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ yín kò sì ju 120 lọ. Gíà ike méjì tàbí mẹ́ta ló ń sọ 120 yẹn di púpọ̀, olúkúlùkù wọn sì ń mú ìpín tirẹ̀ nínú agbára náà. Dínámò fúnra rẹ̀ lè jẹ tó ìdajì ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń dá iná sí 5 fóltì tún mú díẹ̀. Níkẹyìn, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ló ń jáde, ìyẹn wáàtì méjì àti díẹ̀.

23 pín sí méjì jẹ́ wákàtí mọ́kànlá àbọ̀ fún fóònù kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó ń yí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò fún fóònù ńlá yìí ní ìdá kan àbọ̀ péré nínú 100. Fóònù oníbọ́tìnì tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 1,000 mAh ni ẹ̀rọ yìí bá mu, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan náà yóò fún un ní nǹkan bíi ìdá méje, ó sì tó láti pe ènìyàn kí ẹ sọ ibi tí ẹ wà.

Ohun kan tún wà tó máa ń da ènìyàn láàmú. Fóònù ńlá tí ojú rẹ̀ tàn lè máa jẹ wáàtì kan sí méjì fúnra rẹ̀. Àmì cháàjì yóò hàn, ẹ ó máa yí, nọ́ńbà kò sì ní kúrò lójú kan, nítorí ohun tó ń wọlé ló ń jáde. Ẹ pa fóònù pátápátá kí ẹ tó yí i.

Bí páálí irú ẹ̀rọ yìí bá wá kọ wáàtì 20 ńkọ́? Ẹ yí ìṣirò padà. Kí wáàtì 20 tó jáde, nǹkan bíi 67 gbọ́dọ̀ wọlé. Pẹ̀lú ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà tó ń yí lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹ ó máa tì í bí ẹni ń ti ẹrù kílò mẹ́sàn-án, yíká-yíká, nígbà tí ọwọ́ kejì di í mú. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ẹ̀rọ orí tábìlì

Tábìlì ló ń di èyí mú, ara ẹ̀rọ kò lè yí mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ lè ti ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 12 pẹ̀lú kílò méjì àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá: 25 × 0.12 × 6.28 jẹ́ wáàtì 19, ó sì wà nínú ohun tí apá lè san. Dínámò rẹ̀ tóbi, nítorí náà bẹ́líìtì kan láti àgbá ńlá sí kékeré lè tó. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, nǹkan bí ìdá 60 ń jáde, wáàtì 11. Fóònù wa yóò kún ní wákàtí méjì àti díẹ̀. Bí ẹ bá ń sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn mẹ́wàá, yóò gba wákàtí mẹ́rin. Iṣẹ́ ni, àmọ́ ó ṣeé ṣe, pàápàá bí ẹni méjì bá ń gbà á fún ara wọn.

Ìdè rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ibi tí ọ̀pá ìyí ti wọ ara ẹ̀rọ ni gbogbo títì yín ń lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, Nicholas Negroponte, olórí iṣẹ́ One Laptop per Child, àti Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè nígbà náà, fi kọ̀ǹpútà àgbéléwọ̀n àwọn ọmọdé hàn ní ìlú Túnìsì, pẹ̀lú ọ̀pá ìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà jáde fún lílò, ọ̀pá ìyí kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ara ike fẹ́lẹ́ kọ́ ni ibi tó yẹ kí apá ènìyàn ti máa lo agbára.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ tirẹ̀ lè wá dínámò àárín táyà kẹ̀kẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ ń fúnni ní 6 fóltì àti wáàtì mẹ́ta nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń sá kìlómítà 15 ní wákàtí, ìyẹn bíi ìyí méjì ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọwọ́ lè yí i bẹ́ẹ̀ láìsí gíà kankan, kò sì sí eyín ike tí yóò ká. Iná rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ ni, nítorí náà ó nílò dáyọ́ọ̀dù mẹ́rin láti sọ ọ́ di iná ọlọ́nà kan, kí ẹ tó dá a sí 5 fóltì.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀

Wáàtì 75 láti ẹsẹ̀ ń di nǹkan bíi 45 ní ẹnu USB. Àmọ́ fóònù tó ń gba 5 fóltì àti áńpìà méjì kò lè gbà ju wáàtì 10 lọ. Láìsí bátìrì láàárín, ẹ ó kàn máa wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá ní bátìrì ńlá láàárín, ogójì ìṣẹ́jú lórí pẹ́dà tó fún odidi fóònù kan. Ó wúwo, ó sì ń gbàyè. Ilé tó ní fóònù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo lè ní kó rà á.

| | Àtẹ́lẹwọ́ | Orí tábìlì | Ẹlẹ́sẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Wáàtì ní ẹnu USB | 2 | 11 | 45 |
| Fóònù 5,000 mAh | wákàtí 11 àbọ̀ | wákàtí 2 sí 4 | ìṣẹ́jú 40, pẹ̀lú bátìrì |
| Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ | gíà ike | ìdè, bẹ́líìtì | bátìrì |

Kí ẹ tó sanwó

Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ ní bátìrì nínú, 2,000 mAh fún àpẹẹrẹ. Ìyẹn jẹ́ wáàtì-wákàtí 7.4, kò tó ìdajì fóònù wa. Bátìrì yìí ti lè kún láti ara iná ilé kí wọ́n tó fi hàn yín, kí fóònù sì máa gba cháàjì gẹ́gẹ́ bí ẹni pé yíyí yín ló ń ṣe é. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ títí yóò fi kú, lẹ́yìn náà kí ẹ wá yí i.

Bátìrì inú yẹn ní àǹfààní tirẹ̀ o. Ọwọ́ kì í yí dọ́gba, bí iná bá sì já wálẹ̀ láti 5 fóltì sí nǹkan bíi 4.5, ọ̀pọ̀ fóònù yóò kọ cháàjì, yóò tún bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò máa tàn nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì láàárín yóò máa ṣe yín bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní páwà báǹkì, òun ni kí ẹ yí iná sínú rẹ̀, kí ẹ wá ti ibẹ̀ cháàjì fóònù.

Ẹ fi ọwọ́ gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ẹ yí i láìso nǹkan kan mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kí ẹ so fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pá ìyí gbọ́dọ̀ wúwo sí i lójú ẹsẹ̀, torí iná kì í jáde kí ọwọ́ má mọ̀ ọ́n. Bí kò bá wúwo rárá, kò sí nǹkan tó ń kọjá. Bí ẹ bá sì yọwọ́, tí ọ̀pá náà ń yí fúnra rẹ̀, bátìrì inú ló ń yí dínámò padà: dáyọ́ọ̀dù tó yẹ kó dí ọ̀nà àbọ̀ ti bàjẹ́ tàbí wọn kò fi sí i.

Èyí tó dájú jù ni ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré tí a ń kì bọ ihò USB, tó ń kọ V, A àti mWh, ìyẹn fóltì, áńpìà àti ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì-wákàtí. Ẹ fi í sáàárín ẹ̀rọ àti fóònù, ẹ pa mWh rẹ̀ dà sí òdo, kí ẹ yí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìwọ̀n tí ara yín lè bá lọ. Ẹ sọ nọ́ńbà tó jáde di ìlọ́po mẹ́fà: ìyẹn ni mWh tí ẹ lè rí ní wákàtí kan. 330 túmọ̀ sí wáàtì méjì. Bí páálí bá kọ 10 tí ìwọ̀n sì ń kọ 330, ẹ dá a padà nígbà tí rìsíìtì ṣì wà lọ́wọ́ yín.