Fọ́tò tí a gé gan-an: kámẹ́rà 24 tàbí 45 mẹ́gápíksẹ́lì?

Ká ní wọ́n ya ìyàwó láàárín èrò níbi ìgbéyàwó, tí ìyá rẹ̀ wá ní ojú ọmọ òun nìkan lòun fẹ́, ní ínṣì 12 sí 8. Bí a bá gé e tó fi ku ìdá mẹ́ta gígùn àti ìdá mẹ́ta ìbú, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án píksẹ́lì ló ṣẹ́kù, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta.

Fọ́tò kámẹ́rà 24 jẹ́ píksẹ́lì 6000 sí 4000. Lẹ́yìn gígé, ó ku 2000 sí 1333. Pín 2000 sí ọ̀nà 12: ó di píksẹ́lì 167 nínú ínṣì kan. Lára ògiri, ó ṣì dára. Lọ́wọ́, irun ìpéǹpéjú àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn á ti máa ṣe bàìbàì. Ní ínṣì 6 sí 4, ó di 333, ó sì mọ́ kedere.

Ti kámẹ́rà 45, tó jẹ́ 8256 sí 5504, á ku 2752 sí 1834, ìyẹn 229 nínú ínṣì kan. Èyí tó fún álíbọ́ọ̀mù, òun la ó sì mú fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá gbọ̀n nígbà yíyà, píksẹ́lì púpọ̀ kò lè tún un ṣe.

Láti mọ iye píksẹ́lì tó máa wà nínú ínṣì kan, ṣí fọ́tò tí o ti gé nínú Photoshop, lọ sí Image Size, yọ àmì kúrò nínú Resample, kí o tó kọ ínṣì 12 síbi Width. Resolution tó bá jáde ni òótọ́. Bí àmì bá ṣì wà nínú Resample, tí o kọ 300 síbi Resolution, ńṣe ló máa fi píksẹ́lì àfikún dí àlàfo.