Káátíríìjì Game Boy Advance àti Síídì PlayStation: Bí A Ṣe Ń Fi Fọ́tò Mọ Ojúlówó Yàtọ̀ Sí Ayédèrú

Lébẹ̀ẹ̀lì ni olùrà kọ́kọ́ ń wò lára géèmù àlòkù, òun náà ló sì rọrùn jù lọ láti yí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dáa nínú yàrá rẹ̀ lè tẹ lébẹ̀ẹ̀lì tí yóò tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ibòmíràn ni ẹ̀rí tó lágbára wà. Ti káátíríìjì wà lórí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, ti síídì sì wà ní òrùka tó yí ihò àárín ká. Mo fẹ́ gbé méjèèjì síwájú ara wọn, kí ẹni tó ń rà lórí fọ́tò lè mọ fọ́tò tó yẹ kó béèrè, kó sì mọ ohun tó ń wá nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ mi ni Pokémon Emerald ti Game Boy Advance, tí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ súà, àti síídì PlayStation àkọ́kọ́.

Lébẹ̀ẹ̀lì: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e

Ilé ìtẹ̀wé ńlá máa ń fi yíǹkì mẹ́rin tẹ àwòrán. Tí ẹ bá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ẹ ó rí i pé àmì tótòtó ló para pọ̀ di àwòrán náà, tí wọ́n tò yípo-yípo bíi òdòdó kéékèèké. Àmọ́ lẹ́tà dúdú ò rí bẹ́ẹ̀. Yíǹkì dúdú nìkan ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, odindi ni, etí rẹ̀ sì mú. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú ò ní fáìlì tí ilé iṣẹ́ lò. Ńṣe ló ya fọ́tò lébẹ̀ẹ̀lì ojúlówó tó sì tún un tẹ̀, nítorí náà lẹ́tà náà ti di àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀, ó di tótòtó, etí rẹ̀ sì rú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fo àwòrán ńlá náà kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ ní ìsàlẹ̀ lébẹ̀ẹ̀lì.

Lára Emerald ti Amẹ́ríkà, ẹ wá AGB-BPEE-USA. Àwọn ayédèrú kan kọ kóòdù géèmù mìíràn síbẹ̀, àwọn mìíràn sì ṣi lẹ́tà kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á dá káátíríìjì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí ìmọ́lẹ̀. Lórí ojúlówó, wọ́n tẹ nọ́ńbà méjì mọ́ lébẹ̀ẹ̀lì láìlo yíǹkì, nígbà mìíràn pẹ̀lú lẹ́tà kan, tí kì í hàn àfi tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Àwọn oníayédèrú ti ń ṣe ìyẹn náà báyìí, nítorí náà, tí ò bá sí, ẹ fura; tí ó bá wà, ẹ ṣì máa wá ẹ̀rí lọ.

Ti síídì kúrú. Orí síídì gan-an ni ilé iṣẹ́ ti ń tẹ yíǹkì. Bí ẹ bá rí etí bébà tó ń ṣí, tàbí òjìji tín-ín-rín tó yí lébẹ̀ẹ̀lì ká, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa fọ́tò: àwọn ohun èlò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí fóònù máa ń fún fọ́tò pọ̀, tí lẹ́tà ojúlówó pàápàá yóò fi rú. Kí ẹ tó sọ pé ayédèrú ni, ẹ ní kí wọ́n fi fáìlì gangan ránṣẹ́.

Bọ́ọ̀dù: ibi tí káátíríìjì ti ń sọ òtítọ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí káátíríìjì ti ń wọ inú ẹ̀rọ. Láìtú ohunkóhun, ẹ ó rí ìlà àwọn irin aláwọ̀ wúrà 32. Lókè wọn, lórí bọ́ọ̀dù ojúlówó, wọ́n tẹ Nintendo sí i kedere. Lórí ọ̀pọ̀ ayédèrú, kò sí orúkọ náà, ihò tíńtìntín sì máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ sórí irin wọ̀nyẹn tàbí lókè wọn. Fọ́tò yìí ò ná ẹni tó ń tà á ní ohunkóhun. Tó bá kọ̀ láti yà á, èmi á ti máa bá tèmi lọ.

Fọ́tò kejì gba pé kí wọ́n tú u. Sìkúrù ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lórí, sùkúdiráfà lásán ò sì lè tú u láìba orí rẹ̀ jẹ́.

Ká wá gbà pé ẹni méjì ń ta Emerald. Ti ẹni àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní, lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ ń dán, igun kan ò ya. Nígbà tó tú u, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀dà dúdú kan tó wú róbótó lórí bọ́ọ̀dù, tó bo ṣíìpù mọ́lẹ̀. Kò sí bátìrì, kò sì sí Nintendo níbikíbi. Ti ẹni kejì ti gbó: lébẹ̀ẹ̀lì ya ní igun, ẹnìkan fi bírò kọ orúkọ sí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Nintendo wà lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀, ṣíìpù ńlá kan wà tí lẹ́tà orí rẹ̀ ṣeé kà, bátìrì pẹlẹbẹ CR1616 wà, kírísítà aago kékeré tó ń jẹ́ kí aago inú géèmù máa rìn sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Bátìrì yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú Emerald ojúlówó, aago nìkan ló wà fún. Inú ṣíìpù fúláàṣì ni ibi tí ẹ bá géèmù dé ń gbé, ìyẹn ò sì nílò bátìrì. Àwọn ayédèrú kan náà ní bátìrì, àmọ́ tiwọn ló ń di ibi tí ẹ bá géèmù dé mú: ọjọ́ tó bá kú, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Bátìrì nìkan ò wá tó. Ẹ wá kírísítà aago. Bí bátìrì bá wà tí kírísítà ò sí, iṣẹ́ mìíràn ni bátìrì náà ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lójú ìran nígbà tí géèmù bá ń ṣí: "The internal battery has run dry." Àwọn kan gbà pé ayédèrú nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojúlówó tí bátìrì rẹ̀ ti kú sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ayédèrú tí kò ní aago láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó di ẹjọ́ ni ìgbà tí ẹni tó ń tà á bá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bátìrì.

Ẹ padà sórí ṣíìpù ńlá ti ẹni kejì. Nínú àwọn nọ́ńbà orí rẹ̀, ká ní mẹ́rin kan kà pé 0513. Méjì àkọ́kọ́ ni ọdún, méjì ìkẹyìn ni ọ̀sẹ̀: ọ̀sẹ̀ 13 nínú ọdún 2005, ìyẹn ìparí oṣù kẹta. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2005 ni Emerald jáde ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ọjọ́ orí ṣíìpù náà bá a mu. Ká ní 0130 ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Oṣù kẹsàn-án 2004 ni géèmù náà kọ́kọ́ jáde ní Japan. Inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ géèmù sínú ṣíìpù yìí, kò sì lè jẹ́ pé ṣíìpù ọdún 2001 ló gbé e. Ṣíìpù ńlá tó gbé géèmù nìkan ni ìṣirò yìí wà fún o. Àwọn kéékèèké lè ti wà ní ìpamọ́ tipẹ́ kí wọ́n tó lò wọ́n.

Ẹtàn kan ṣì kù: bọ́ọ̀dù ayédèrú nínú ìkarahun ojúlówó, tàbí fọ́tò bọ́ọ̀dù ẹlòmíràn. Ẹ ní kí wọ́n to ìkarahun méjèèjì àti bọ́ọ̀dù sínú fọ́tò kan ṣoṣo, kí bébà tí wọ́n fọwọ́ kọ ọjọ́ òní sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òrùka àárín: ti síídì ò nílò sùkúdiráfà

Ẹ yí síídì dojúdé. Láàárín ibi tí géèmù wà àti pílásítíìkì tó mọ́ gaara nítòsí ihò, òrùka tóóró kan wà tó ń dán. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà wà, nígbà mìíràn pẹ̀lú bákóòdù. Láti 1994, oríṣi kóòdù méjì tún wà tí wọ́n ń pè ní IFPI. Èyí tí lẹ́tà L tẹ̀ lé wà lórí òrùka tó ń dán, ó sì ń tọ́ka sí ẹ̀rọ lésà tó kọ àwòkọ́ àkọ́kọ́. Èkejì ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà mẹ́rin, ó wà lára pílásítíìkì fúnra rẹ̀, móòdù tó da síídì náà ló sì tẹ̀ ẹ́ sí i. Móòdù pọ̀ nínú ilé iṣẹ́ kan, nítorí náà síídì géèmù kan náà méjì lè ní kóòdù móòdù tó yàtọ̀, kí méjèèjì sì jẹ́ ojúlówó.

| | Ojúlówó | Ayédèrú tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ | Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ |
|---|---|---|---|
| Òrùka tó ń dán | Nọ́ńbà géèmù tàbí ti ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, IFPI L sì sábà máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ | IFPI kì í sábà sí, tàbí wọ́n ti họ ọ́ kúrò | Nọ́ńbà síídì òfìfo, kò kan géèmù rárá |
| Ìsàlẹ̀ síídì | Dúdú, ó ń fẹ́ di àlùkò níwájú iná | Fàdákà tàbí dúdú | Àwọ̀ ewé, búlúù tàbí dúdú |
| Nínú PlayStation tí ẹnikẹ́ni ò tíì yí inú rẹ̀ padà | Ó ṣí | Kì í ṣí | Kì í ṣí |

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa. Síídì òfìfo tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú wà lọ́jà, nítorí náà dúdú kì í ṣe ìdánilójú. Síídì òfìfo náà lè ní kóòdù IFPI, nítorí ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ló dà á. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ má fi IFPI nìkan ṣe ìdájọ́. Ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí irú nọ́ńbà kan náà bá wà lára oríṣi géèmù mẹ́ta tí ẹnì kan ń tà, síídì òfìfo láti inú páálí kan ni. Ibi tí wọ́n bá sì ti họ kóòdù kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ìdí tí PlayStation fi ń kọ ẹ̀dà ni pé ìlà tí lésà ń tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ síídì ojúlówó ń mì díẹ̀, ìmìtìtì náà sì gbé lẹ́tà àgbègbè: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Ẹ̀rọ ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà lásán ò lè kọ ìyẹn. Fídíò tí géèmù ń ṣí dára, àmọ́ kò wúlò àfi tí ẹ bá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ náà. Fọ́tò òrùka ló tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Síídì tó ti jáde ṣáájú 1994, bíi àwọn àkọ́kọ́ ti Mega-CD, ẹ̀rọ géèmù Sega, kò ní IFPI, àìsí rẹ̀ níbẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Èwo ni mo lè rà lórí fọ́tò nìkan?

Síídì. Fọ́tò kan tó mọ́, tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ sórí aṣọ dúdú, ti tó fún mi. Ti káátíríìjì, ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ ju ti síídì lọ nígbà tí wọ́n bá tú u, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní sùkúdiráfà rẹ̀, àwọn mìíràn á sì fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ohun tí mo máa ń kọ sí wọn rèé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya ìsàlẹ̀ káátíríìjì níbi irin wúrà, kí ó súnmọ́ tó láti kà, kí ẹ sì fi fáìlì gangan ránṣẹ́. Tí ẹ ò bá lè tú u, ẹ mú un síwájú iná alágbára." Ìkarahun Emerald ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn, àwọ̀ ewé ni, bátìrì ojúlówó sì máa ń hàn gba inú rẹ̀. FireRed àti LeafGreen, àwọn Pokémon mìíràn ti Game Boy Advance, ò ní bátìrì rárá, ìkarahun wọn ò sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún tiwọn.