Áàpù tó ń ka àìdọ́gba látinú fótò: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù méjì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn ti wà ní ọdún kẹrin nílé ẹ̀kọ́ girama. Ìṣirò ò yọ ọ́ lẹ́nu rí, àfìgbà tí wọ́n dé orí àìdọ́gba, ìyẹn ìṣirò tí àmì bíi < tàbí ≥ dúró sí àyè =. Á ṣe é dáadáa títí á fi ku ìlà kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ìdáhùn á ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe gba áàpù kan sórí fóònù mi: èèyàn á fi kámẹ́rà ya ìbéèrè, áàpù á ka ohun tó wà nínú fótò, á ṣe é ní ìlà dé ìlà, á sì fa ìlà nọ́ńbà tí ìdáhùn wà lórí rẹ̀.

Ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ rèé, látinú ìwé ìbéèrè àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ dáadáa:

5 − 2x ≥ 11

Áàpù yọ 5 kúrò lápá méjèèjì, ó ku −2x ≥ 6. Lẹ́yìn náà ló fi −2 pín in, ó sì kọ x ≤ −3. Ní ìlà yẹn gan-an, ó fi àwọ̀ pupa kọ ọ́ pé nọ́ńbà onímáínọ́ọ̀sì la fi pín in, ìdí nìyẹn tí àmì fi yí padà. Tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á fi hàn pé 2 < 5, ṣùgbọ́n −2 > −5. Mo fẹ́ràn àlàyé yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ gbèsè ni mo fi là á yé ọmọ náà. Ẹni tó ní náírà márùn-ún lówó ju ẹni tó ní náírà méjì lọ. Tó bá wá jẹ́ pé gbèsè ni wọ́n jẹ, ta ló sàn díẹ̀ nínú wọn? Ó ní, “Ẹni tó jẹ méjì ni, Àǹtí.” Mo ní òun náà ni máínọ́ọ̀sì ṣe: ó yí ipò àwọn méjèèjì padà.

Áàpù yìí tún ní bọ́tìnnì ọ̀nà kejì, mi ò sì mọ̀ pé yóò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ó fi 2x kún apá méjèèjì, ó yọ 11, ó wá ku −6 ≥ 2x. Ó fi 2 pín in, ó di −3 ≥ x. Àmì ò yí rárá. Ọmọ náà bojú wò mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ wò ó, ìdáhùn méjì ló fún wa.” Mo ní kó kà á sókè: máínọ́ọ̀sì mẹ́ta tóbi ju x lọ, tàbí kó bá a dọ́gba. Èwo ló wá kéré níbẹ̀? X ni. Ohun kan náà ni x ≤ −3 ń sọ. Látìgbà náà, tí ìyípadà àmì bá ń ṣe é ní iyèméjì, ọ̀nà kejì yìí ló ń gbà láti yẹ ara rẹ̀ wò.

Ibi tí áàpù ti já mi kulẹ̀ ni pé ìgbà tí àmì bá yí nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀. Tí kò bá yí, kì í sọ ìdí tí kò fi yí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà rí 2x ≥ −6, ó sì kọ x ≤ −3 torí pé ó rí máínọ́ọ̀sì. Máínọ́ọ̀sì tó wà lára 6 ò kàn wá rárá. Nọ́ńbà tí a fi ń pín tàbí tí a fi ń sọ di púpọ̀ là ń wò. 2 la fi pín in níbí, àmì sì gbọ́dọ̀ dúró bó ṣe wà: x ≥ −3. Áàpù kọ ìdáhùn yìí láìṣe àlàyé kankan. Èmi ni mo wá ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ fótò ló le jù. Ọmọ náà kọ −3x > 9 sínú ìwé onílà, ẹsẹ̀ àmì náà sì bọ́ sórí ìlà ìwé. Áàpù rò pé ìlà ìwé wà lára àmì, ló bá kà á sí ≥. Ó ṣe gbogbo ìyókù láìsí àṣìṣe, ó fún wa ní x ≤ −3, ó sì fi àmì róbótó tó kún inú síbi −3. Ẹni tí kò bá fura á dà á kọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó tú àṣírí ẹ̀ ni pé a fi −3 pa dà sínú ìbéèrè tòótọ́: −3 × −3 jẹ́ 9. Ṣé 9 tóbi ju 9 lọ? Rárá o. Nítorí náà −3 kò sí lára ìdáhùn, inú róbótó gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ọfà sì kọjú sápá òsì: x < −3.

Fọ́tòkọ́pì tó ti ṣá burú ju ìyẹn lọ. Máínọ́ọ̀sì iwájú 3x parẹ́ nínú irú ìbéèrè kan náà, áàpù wá fún wa ní x > 3, ọfà sì kọjú sápá ọ̀tún. A mú 4 láti ibi tí ọfà kọjú sí, a fi dán an wò: −3 × 4 jẹ́ −12, kò tóbi ju 9. Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn pé kì í ṣe ìbéèrè wa ló ṣe. Ìlà tí áàpù máa ń tẹ̀ sókè pátápátá, níbi tó ti ń fi ohun tó kà hàn, ni mo kọ́kọ́ máa ń wò báyìí kí n tó wo ìdáhùn. Tó bá ṣì í kà, a lè fi ọwọ́ tún un tẹ̀. Ìwé funfun tí kò nílà, ìbéèrè kan ṣoṣo nínú fótò kan, àti kí òjìji fóònù má bo ìwé, ti dín àṣìṣe náà kù gan-an fún wa.

Ìbéèrè tó jẹ́ kí n pinnu pé mo ṣì máa sanwó rẹ̀ lọ nìyí:

−4 < 2 − 3x ≤ 11

Ó yọ 2 kúrò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: −6 < −3x ≤ 9. Ó fi −3 pín in, àmì méjèèjì sì yí lẹ́ẹ̀kan náà: 2 > x ≥ −3. Ìlà nọ́ńbà tó fà péye: róbótó tó kún wà ní −3, èyí tó ṣófo wà ní 2, ìlà dúdú sì so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe fi ìdáhùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láì tún un tò, ṣi ọmọ náà lọ́nà nígbà tó ń ya tirẹ̀. Nítorí pé 2 ló ṣáájú nínú ìdáhùn, ó fi 2 sápá òsì, ó fi −3 sápá ọ̀tún. Mo ní kó kọ́kọ́ yí i padà kí èyí tó kéré lè ṣáájú: −3 ≤ x < 2. Ìlà kékeré tó wà lábẹ́ àmì ń tẹ̀ lé −3 lọ síbikíbi tó bá lọ. A yẹ̀ ẹ́ wò: tí x bá jẹ́ −3, 2 − 3x jẹ́ 11, a sì gba 11 láyè. Tí x bá jẹ́ 2, ó jẹ́ −4, −4 kò sì kéré ju −4. Tó bá jẹ́ odidi nọ́ńbà ni wọ́n béèrè, márùn-ún ló wà níbẹ̀: −3, −2, −1, 0 àti 1.

Ohun kan wà tí mo wá tí mi ò rí: tí a bá ya fótò ìlà nọ́ńbà tí wọ́n ti fà sílẹ̀, kí ó sọ àìdọ́gba tó wà lórí rẹ̀ fún wa. Ìgbà mẹ́ta ni mo dán an wò, kò rí nǹkan kan kà. Irú ìbéèrè yẹn, orí tábìlì ìdáná la ti ń ṣe é, pẹ̀lú rúlà àti pẹ́ńsù.