Nọ́ńbà mi ti kú, sáìtì ìjọba ò gbọ́: ọjọ́ mọ́kànlá ní Ìkòròdú

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún sáìtì ìjọba tí mo ti ń gba ìwé ẹ̀rí owó orí yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn fún èèyàn, ó ń yá, ọjọ́ kan péré ni ìwé ẹ̀rí mi fi jáde. Kó tó ṣí fún mi gan-an ni wàhálà.

Oṣù kẹrin ọdún tó kọjá ni fóònù mi já bọ́ sínú ọ̀sà ní èbúté Ìpakodò, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mi ò wá láìnì yẹn kiri mọ́. Mo ra síìmù tuntun, mo fi NIN ara mi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, mo bá iṣẹ́ oúnjẹ mi lọ. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún yìí, ilé-ìwé kan ní kí n mú ìwé ẹ̀rí owó orí wá kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún mi. Mo tẹ ímeèlì, mo tẹ páswọ́ọ̀dù, ó gbà á. Ló bá ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó parí sí 417. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni 417 wà.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí: mo rò pé ara NIN ni sáìtì náà ti ń wo nọ́ńbà èèyàn. Mo lọ sí ibùdó NIN, mo sanwó, mo tẹ̀ka, wọ́n bá mi yí nọ́ńbà padà. Mo délé, mo tún wọlé, 417 náà ló ṣì gbé jáde. Sáìtì yẹn ti kọ nọ́ńbà mi sínú ìwé tirẹ̀ lọ́jọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀, kò sì tún bi ẹnikẹ́ni mọ́. "Forgot password" náà ò gbà mí, torí páswọ́ọ̀dù kọ́ ló sọnù. Torí náà, ẹ wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn tó bá gbé jáde dáadáa kẹ́ ẹ tó náwó síbì kankan.

Mo kọ ímeèlì sí wọn. Wọ́n ní kí n mú ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ wá, pẹ̀lú ìwé NIN àti fọ́tò mi. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní òun á bá mi ṣe é ní 8,000 náírà, kí n sá ti fún òun ní páswọ́ọ̀dù. Mo kí i pé ó dìgbà.

Ọmọbìnrin kan ní ọ́fíìsì láìnì ló là mí lójú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ pe nọ́ńbà yẹn ná." Mo pè é. Ẹ̀rọ ní kò sírú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Inú ọmọ náà dùn: ká ní èèyàn gbé e ni, á jẹ́ pé wọ́n ti fún ẹlòmíì, ìwé ìbúra nìkan ló kù. Lábẹ́ òfin NCC, àjọ tó ń darí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, láìnì tí kò bá ṣe ohun kankan tó ń mówó wá fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í pa. Bó bá tún lo oṣù mẹ́fà sí i bẹ́ẹ̀, olówó ẹ̀ lè pàdánù rẹ̀ pátápátá. Tèmi ti lo oṣù mẹ́sàn-án, torí náà a ṣì lè gbà á padà.

Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ojú ẹ̀ yí padà. "Mọ́mì, láìnì yìí kì í ṣe tiyín o." Òótọ́ ni. Àbúrò mi ló bá mi rà á, NIN tiẹ̀ ló wà lórí ẹ̀. Ó ní láti ti Ṣágámù wá, kó wá fi ojú ara ẹ̀ hàn níwájú kámẹ́rà.

Síìmù 417 dé, ìpè ń wọlé. Mo sáré lọ béèrè kóòdù, kò dé. Mo tún béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tì mí síta di ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi tẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù tiẹ̀ ń wọlé, àmọ́ èyí tó ń ti ilé iṣẹ́ wá ò tíì wọlé. Ìgbà tí bánkì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé ó ti gún. Kóòdù wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí mo ṣe wọlé, ibi ìyípadà nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ lọ, kí n tó wo ìwé owó orí rárá. Kóòdù kan lọ sí nọ́ńbà àtijọ́, òmíràn lọ sí tuntun, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló fún mi. Síìmù méjèèjì ti wà nínú fóònù kan náà. Ká ní ọ̀kan wà nílé, mi ò bá ti tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Mo ṣì ń fi 100 náírà sórí 417 lóṣooṣù, mo sì ń fi pe èèyàn kan. Àbúrò mi ni mo sábà máa ń pè. Ó ní torí pé láìnì òun ni, owó náà tọ́ sóun.