Àgbéyẹ̀wò: Kíka ara àti òwú àbẹ́là kan ṣoṣo lórí ṣáàtì kírípítò

Àbẹ́là ni àmì tí ṣáàtì fi ń ya bí iye owó kan ṣe rìn láàárín àkókò kan, bíi wákàtí mẹ́rin. Iye mẹ́rin péré ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lókè ṣáàtì, O ni iye tí àkókò náà fi bẹ̀rẹ̀, H ni ibi tó ga jù tí iye dé, L ni ibi tó rẹlẹ̀ jù, C sì ni iye tó fi parí. Àlàfo tó wà láàárín O àti C ni ara àbẹ́là. Ohun tó bá yọ lókè ara ni òwú òkè, èyí tó bá yọ nísàlẹ̀ ni òwú ìsàlẹ̀. Mo ń gbé e yẹ̀ wò níbí gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ tí a fi ń wọn agbára olùrà àti olùtà. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa sọ ohun tí ọ̀la máa bí, ọpọ́n ifá ló ń wá, kì í ṣe ṣáàtì.

Àwọ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń rí, òun náà ni mo fún ní máàkì tó kéré jù. Àwọ̀ ewé kò sọ ju pé C ga ju O lọ. Bí iye bá bẹ̀rẹ̀ ní 100, tó gun dé 110, tó sì parí ní 101, aláwọ̀ ewé ni àbẹ́là náà yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀, nínú mẹ́wàá tí àwọn olùrà kó jọ, mẹ́sàn-án ni àwọn olùtà ti gbà padà lọ́wọ́ wọn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ láìrò ó: wọ́n á ní rírà pọ̀ ju títà lọ. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí kò sí ẹyọ kan tí a rà tí ẹnì kan kò tà. Ta ló ń kánjú ni ìbéèrè gidi. Ẹni tó ń kánjú kì í dúró de iye tó wù ú, iye tó bá wà nínú ìwé ọ́dà, níbi tí ọ́dà ìrà àti ọ́dà títà ti ń dúró de ẹni tó máa gbà wọ́n, ló máa ń gbà. Bí àwọn olùtà tó ń kánjú bá jẹ gbogbo ọ́dà ìrà tó wà nílẹ̀, iye á já wálẹ̀. Bí wọ́n bá wá bá ọ́dà ìrà tó nípọn pàdé, tàbí tí àwọn olùrà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú, iye á padà sókè, ibi tó ti kúrò á sì di òwú. Òwú ni ibi tí iye bẹ̀ wò tí kò ráyè jókòó sí.

Dípò kéèyàn máa fojú wọn ọ́n, ìṣirò kékeré yìí ló dára jù; owu_L ni òwú ìsàlẹ̀, ipo_C sì ni bí C ṣe ga tó láàárín L àti H:

```
ara   = |C - O| / (H - L)
owu_L = (min(O, C) - L) / (H - L)
ipo_C = (C - L) / (H - L)
```

Ká mú àbẹ́là wákàtí mẹ́rin kan fún Bítíkọ́ìnì ṣe àpẹẹrẹ, ní dọ́là: O 60,200, H 60,400, L 57,600, C 60,000. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ 2,800. Ara rẹ̀ jẹ́ 200, ìyẹn 7%. Òwú òkè náà jẹ́ 200. Òwú ìsàlẹ̀ jẹ́ 2,400, tí í ṣe 86%, ipò C náà sì jẹ́ 86%. Àbẹ́là pupa ni o, ṣùgbọ́n àwọn olùtà ló fìdí rẹmi nínú rẹ̀: wọ́n ti iye wálẹ̀ tó 2,600 láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, 200 péré ló kù sí wọn lọ́wọ́ nígbà tó parí. Ipò C ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Tó bá ju 70% lọ, olùrà ló lágbára níparí. Tí kò bá tó 30%, olùtà ni. Èyí tó bá wà láàárín, mo máa ń fi í sílẹ̀. Òfin kọ́ nìyẹn, ìwọ̀n tó wúlò ni.

Kí a tó gbà á gbọ́, ó yẹ ká wo bí àwọn ogún àbẹ́là tó ṣáájú rẹ̀ ti gùn tó. Bí wọ́n bá sábà máa ń jẹ́ 600, 2,800 ju ìlọ́po mẹ́rin lọ, ó sì yẹ ní kíkà. Bí 3,000 bá jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń ní, òwú gígùn yìí kò ṣàjèjì rárá.

Àbùkù tó tóbi jù ni pé àbẹ́là kì í sọ bí ìrìn náà ṣe lọ. Kò sọ bóyá H ló ṣáájú àbí L. Àbẹ́là òkè yìí lè jẹ́ pé iye já lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, tí àwọn olùrà sì fi wákàtí mẹ́ta gbé e padà díẹ̀díẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé iye fi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ yọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó tó fò sókè nígbà tó kù díẹ̀ kí àkókò pé. Iye mẹ́rin kan náà ni méjèèjì máa fi sílẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, a ti dán olùrà wò fún wákàtí mẹ́ta. Nínú ti èkejì, a kò tíì dán an wò rárá. Ẹ yí ṣáàtì sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ó rí àbẹ́là mẹ́rìndínlógún tó wà nínú ẹyọ kan náà, ọ̀rọ̀ á sì yé.

Òwú mìíràn wà tí kò ti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tà wá. Lórí àdéhùn tí kò lọ́jọ́ ìparí, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi owó yíyá ṣòwò lórí iye kọ́ìnì láìra kọ́ìnì náà gan-an, bí owó tí ẹnì kan fi ṣe ohun ìdúró kò bá tó mọ́, ilé pàṣípààrọ̀ á fi tipá ta ọjà rẹ̀. Títà yẹn á ti iye wálẹ̀, á sì kan ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ran ara wọn. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé kí a ṣí ṣáàtì ojúlówó owó náà fún wákàtí kan náà, ìyẹn ọjà tí a ti ń ra owó gan-an, kí a sì tún wo ilé pàṣípààrọ̀ mìíràn. Bí L níbẹ̀ bá jẹ́ 59,300 nígbà tí ti àdéhùn jẹ́ 57,600, èyí tó pọ̀ jù nínú òwú náà jẹ́ ìjàǹbá inú ilé kan. Ẹ má kà á sí agbára olùrà. Àwọn kọ́ìnì kéékèèké burú jù, torí ọ́dà ńlá kan ṣoṣo lè fa òwú gígùn nínú ìwé ọ́dà tó fẹ́lẹ́. Iye ọjà tó yí ọwọ́ padà ló máa tú u fó: òwú gígùn pẹ̀lú ọjà tín-ín-rín kò ní ẹlẹ́rìí.

Àbẹ́là tí àkókò rẹ̀ kò tíì pé kò ní C. Ohun tí ojú ń rí ni iye tó wà níbẹ̀ báyìí, òwú tó gùn rèǹtè-rente ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ìparí sì lè di ara pupa kíkún kí ó tó pé. Ọjà kírípítò kì í tì, nítorí náà ibi tí a ti gé àkókò jẹ́ àdéhùn lásán. Agogo 00:00 UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni ọ̀pọ̀ ṣáàtì ti ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tuntun. Bí ìṣubú bá wà ṣáájú ibi ìgé, tí ìgbéra wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí àbẹ́là pupa gbọọrọ kan àti aláwọ̀ ewé gbọọrọ kan, láìsí òwú tó jọni lójú. Ẹ so wọ́n pọ̀: O ti àkọ́kọ́, C ti èkejì, H tó ga jù, L tó rẹlẹ̀ jù. Òwú náà á yọjú. Heikin Ashi, irú ṣáàtì àbẹ́là kan tó ń fi ìpíndọ́gba ya iye, kò wúlò fún iṣẹ́ yìí rárá, torí O àti C rẹ̀ jẹ́ ìṣirò, wọn kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni fi rà tàbí tà.

Fún àpẹẹrẹ wa, ohun tí mo lè gbà lọ́wọ́ irinṣẹ́ yìí ni nọ́ńbà kan: 57,600. Níwọ̀n ìgbà tí àbẹ́là wákàtí mẹ́rin kò bá tíì parí nísàlẹ̀ rẹ̀, kíkà náà ṣì dúró. Bí òwú lásán bá kọjá ibẹ̀ tó sì padà, kò tíì bàjẹ́. Bí ara bá parí ní 57,400, a ti jẹ àwọn olùrà ọjọ́ yẹn tán, kí a pa àbẹ́là náà rẹ́ lọ́kàn.