Ṣíìtì tí mo fi ṣírò owó dìgírì àbúrò mi: mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yẹ fọ́múlà ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́

Àbúrò mi fẹ́ wọ yunifásítì, ọdún mẹ́rin ni kọ́ọ̀sì ẹ̀, èmi ni mo sì máa gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀, ni mo bá lọ wa ṣíìtì ìṣirò ọ̀fẹ́ kan sórí láptọ̀ọ̀pù mi, irú èyí tí wọ́n ti kọ ọdún kìíní dé ìkẹrin sókè, tí wọ́n wá to owó ilé-ìwé, owó ilé, owó ìwé àti owó oúnjẹ pẹ̀lú ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Mo ti lò ó fún bí oṣù méjì báyìí.

Kí n tó rí i, ọdún kìíní nìkan ni mo máa ń wò, màá wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká pe owó ilé-ìwé ọdún kìíní ní 100, kó lè rọrùn fún gbogbo wa. Họ́sítẹ̀ẹ̀lì jẹ́ 60, ìwé 15, oúnjẹ àti ọkọ̀ 80, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 255. Ìlọ́po mẹ́rin ẹ̀ jẹ́ 1,020, mo sì ti fọkàn sí i pé iye tí mo máa wá nìyẹn.

Ibi tí ṣíìtì yìí ti là mí lójú jù ni owó ilé. Ó béèrè iye oṣù, kì í ṣe iye ọdún. Oṣù mẹ́sàn-án ni họ́sítẹ̀ẹ̀lì ọdún kìíní, ṣùgbọ́n láti ọdún kejì àbúrò mi máa gba ilé síta, ilé ìta sì rèé, oṣù méjìlá ni wọ́n máa ń gbowó ẹ̀, bó bá wà nínú ẹ̀ nígbà họ́lìdéè tàbí kò sí. Torí náà 60 yẹn á di 80 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fowó kún un rárá! Tí mo wá fi 10% kún un lọ́dọọdún, ó di 60, 88, 96.8 àti 106.5. Mi ò lè rí ìyẹn láé tí mo bá ń ṣe ìlọ́po mẹ́rin.

Àṣìṣe tó fẹ́ẹ̀ kó bá mi wá wà nínú owó ilé-ìwé. Mo fi 8% sínú àpótí H1 pé bẹ́ẹ̀ ni owó á ṣe máa lé lọ́dọọdún, mo fa fọ́múlà ọdún kejì lọ sí apá ọ̀tún, ohun tó gbé wá ni 100, 108, 108, 108. Mo kọ́kọ́ rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àfi ìgbà tí mo rí i pé nọ́ńbà kan náà ló ń tẹ̀ lé ara wọn. Bí ẹni tó ṣe é ṣe kọ ọ́ nìyí:

```
=B2*(1+H1)
```

Tẹ́ ẹ bá fà á sọ́tùn-ún, H1 á di I1, kò sì sí nǹkan kan nínú I1, torí náà kò ní rí nǹkan fi kún un mọ́. Ẹ fi àmì dọ́là de àpótí yẹn mọ́lẹ̀:

```
=B2*(1+$H$1)
```

Ìgbà yẹn ló tó di 100, 108, 116.6, 126, àròpọ̀ ẹ̀ sì jẹ́ bíi 451 dípò 424 tó kọ́kọ́ gbé wá.

Oúnjẹ àti ọkọ̀ jẹ́ bíi 371 tí 10% bá ń lé e. Owó ìwé ò yọ mí lẹ́nu, ó máa ń dínkù láàárín kó tó tún gun òkè nígbà pírójẹ́ẹ̀tì, 55 ni mo kọ, mo fi 25 kún un fún láptọ̀ọ̀pù. Gbogbo ẹ̀ wá di nǹkan bíi 1,253. 233 ló fi ju iye tí mo ti fọkàn sí lọ, ìyẹn sì kù díẹ̀ kó tó odindi owó ọdún kìíní.

Mo wá dán ọdún karùn-ún wò, torí èèyàn lè fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan, kó sì ní láti tún un ṣe. Ọdún kan péré yẹn, láìka owó ìwé, jẹ́ bíi 370, kì í ṣe 255, nítorí iye tí ọdún ìkẹrin bá gùn dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi owó ọdún kìíní díwọ̀n ẹ̀ o.

Nǹkan kan wà tí mi ò fẹ́ rárá nínú ṣíìtì náà, ìyẹn ni pé fúnra ẹ̀ ló ń yọ owó sìkọ́láṣíìpù kúrò ní ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí wọ́n fún àbúrò mi, ọdún kìíní nìkan ló dájú, máàkì ẹ̀ ló máa sọ ìyókù. Mo pa á rẹ́ ní ọdún mẹ́ta tó kù, mo wá kọ ọ́ sí ìlà ọ̀tọ̀ nísàlẹ̀, kí n lè rí iye tí màá san bí kò bá wá.

Àbúrò mi ti ní kí n fi í ránṣẹ́ sóun, a ti jọ fi ìlà kan kún un tó máa fi kọ iye tó ná gan-an lóṣooṣù sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí a rò.