Mo sanwó fún pọ́díkáàsì àkọkà ní Ọ̀yọ́, wọ́n fi jẹ́ńbè bo gángan mi

Mo jókòó, gángan wà lábíyá mi, mò ń ṣàlàyé bí ọsán ṣe ń fa awọ. Àfi bí fídíò ṣe ṣàdédé yí sí ọkùnrin kan létí òkun tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu jẹ́ńbè, ìlù àwọn ará Màlì àti Gíní. Ohùn mi ṣì ń lọ lábẹ́ rẹ̀ o. Èmi ń sọ pé "ẹ tẹ ọsán yìí wò", ọkùnrin yẹn ń gbá ìlù tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ lábíyá. Àwọn onílù ẹlẹgbẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé, "Ọmọ Àyàn, ìgbà wo lẹ kó lọ sí Màlì?" Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

N kò ní dárúkọ sítúdíò náà. Ọ̀yọ́ níbí ni wọ́n wà. Ẹ̀yin náà mọ irú fídíò tí wọ́n ń ṣe: èèyàn méjì, maíkì méjì, ẹnì kan ń béèrè, ẹnì kejì ń dáhùn, ọ̀rọ̀ ń tàn ní ìkọ̀ọ̀kan lójú fídíò. Kò sí ètò gígùn kankan tí wọ́n ti gé e. Wọ́n kọ ìbéèrè, wọ́n kọ èsì, a sọ ọ́ síwájú kámẹ́rà, ó parí. 60,000 náírà ni mo san fún fídíò márùn-ún, nítorí mò ń ta ìlù, mo sì fẹ́ kí àwọn oníbàárà ọ̀nà jíjìn rí mi.

Mo pe wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n fún ẹni tó gé e." Ìyẹn gba fóònù, ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó wá ní, "Bàbá, ṣebí ìlù náà ni?" Mo pa fóònù. Ilẹ̀ mọ́, mo dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Àǹtí tó ni ibẹ̀ ò bá mi jiyàn. Ó gbé àga fún mi, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ìwé tí wọ́n kọ fún fídíò náà hàn mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi wà lápá òsì. Lápá ọ̀tún ni ìtọ́ka àwòrán àfibọ̀ wà, ìyẹn ohun tí ojú gbọ́dọ̀ máa rí nígbà tí ohùn bá ń lọ. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò ju èyí lọ: "Àfibọ̀: ìlù ilẹ̀ Áfíríkà, ẹnì kan ń lù ú." Ẹni tó ń gé fídíò gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń rí fídíò ọ̀fẹ́, jẹ́ńbè ló bá jáde. Kí ló tún fẹ́ jáde? Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti kúrò lórí ọmọ tó gé e. Èsì àfojúdi tó fún mi lórí fóònù nìkan ni mo ṣì ń bínú sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ ìwé náà wà ní ìdí tábìlì kan lẹ́yìn. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò tíì dé ṣọ́ọ̀bù yín rí tí mo fi kọ ọ́." Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ló bá mi débẹ̀, ó jókòó ti ọmọ iṣẹ́ mi tó ń fa ọsán, ó ń béèrè orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan. Kí n sọ òtítọ́, n kò rí oníṣẹ́ fídíò tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Ìtọ́ka tó tún kọ rèé, mo da ọ̀kan kọ bó ṣe wà: "Àfibọ̀ 2. Bẹ̀rẹ̀ lórí 'òtútù', parí lórí 'rọ̀'. Ọwọ́ Bàbá ń tẹ awọ gángan, awọ ń wọlé. Kámẹ́rà súnmọ́ ọn, ojú ò gbọdọ̀ hàn. Ìṣẹ́jú-àáyá 3. Fóònù ní òòró. Ṣọ́ọ̀bù la ti máa yà á, ẹ má wá a níta." Ẹni tó bá ka èyí ò lè mú jẹ́ńbè wá.

Ó tún ṣàlàyé ìdí tó fi mú ọ̀rọ̀ tí àwòrán máa bẹ̀rẹ̀ lé. N kì í lè sọ gbogbo èsì mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, à ń sọ ọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń so ó pọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti so ó, orí mi á ta kúrò lápá kan bọ́ sí èkejì lójijì. Orí ibi ìsopọ̀ yẹn ni àfibọ̀ gbọ́dọ̀ gùn: kó wọlé díẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kó sì jáde díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, jẹ́ńbè wọlé níbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ geere, ibi tí orí mi ti ta wà ní gbangba. Torí náà, ká tiẹ̀ ní gángan ni wọ́n fi síbẹ̀, ì bá ṣì burú. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n tún ya obìnrin tó ń bi mí ní ìbéèrè bó ṣe panu mọ́ tó ń fetí sílẹ̀. Àpò ni wọ́n fi ìyẹn sí, fún ìsopọ̀ tí kò bá ní àwòrán.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, "Ẹ káàbọ̀ sí ètò wa, ẹ sọ ara yín fún wa" ni. Ó di, "Bàbá, gángan tí mo rà lọ́wọ́ yín ò fọhùn mọ́ látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀." Èmi sì dáhùn pé òtútù ló mú awọ, awọ ewúrẹ́ ni, ó ti rọ̀, kó sá a sóòrùn díẹ̀, kó má gbé e sílẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ẹni tó ní gángan nílé ò ní lè gbójú kúrò.

Ọ̀rọ̀ ojú fídíò ni wàhálà kejì. Wọ́n ṣe é kí lẹ́tà máa jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nínú Yorùbá, lẹ́tà á jáde tán, àmì orí rẹ̀ á wá bọ́ lé e lẹ́yìn, nítorí kọ̀ǹpútà ka àmì ohùn orí ẹ tàbí ọ sí ohun ọ̀tọ̀. Fọ́ǹtì wọn ò tiẹ̀ ní àwọn àmì kan, àpótí kékeré ló ń gbé wá. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n pààrọ̀ fọ́ǹtì sí Noto Sans, wọ́n sì jẹ́ kí odindi ọ̀rọ̀ máa yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Torí pé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, wọn ò jẹ́ kí áàpù gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àkókò:

```
1
00:00:02,900 --> 00:00:04,300
Òtútù ló mú awọ.

2
00:00:04,300 --> 00:00:06,100
Awọ ewúrẹ́ ni, ó ti rọ̀.
```

Wọ́n tún gbé e gòkè díẹ̀, nítorí orúkọ àti bọ́tìnì TikTok máa ń bo ìsàlẹ̀ àti apá ọ̀tún.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Wọ́n kọ "Abala 14" sí igun fídíò mi, bẹ́ẹ̀ abala kìíní ò sí láyé. Àwọn èèyàn ń bi mí pé níbo ni odindi wà. Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́. Àǹtí ní bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn, a fà á títí, ó pa á rẹ́ nínú tèmi. Mo rí i pé ó ṣì wà lára ti oníbàárà mìíràn.

Ẹni tó rí fídíò tuntun náà ti wá ra ìyáàlù lọ́wọ́ mi láti Ìwó. Mo ti sanwó fún márùn-ún mìíràn. Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Bí ẹ bá lọ bá wọn, ẹ ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kọ tiyín, kí ẹ sì ka apá ọ̀tún ìwé náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà. Karùn-ún nínú ti àkọ́kọ́ ò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.